Bí a ṣe ń ka ìwé àyẹ̀wò ọ́tísíìmù tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà

Ojú ewé mọ́kànlá ni ìwé náà. Obìnrin tó gbé e wá bá mi kà á dé ojú ewé kẹta, ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀, ó sì pa á dé. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, 11 tí wọ́n kọ síbí yìí, ṣé ó pọ̀ ni àbí ó kéré?" Mo ní kó fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ná, kó ṣí ojú ewé kẹsàn-án. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Mo máa ń bá àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù ka ìwé ilé ìwòsàn, èyí tí mo sì rí pé ó ń rú wọn lójú jù ni ìwé àyẹ̀wò ọ́tísíìmù tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ti dàgbà. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, mo sì ti lẹ ti àwọn ẹlòmíràn mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Àbúrò ni màá máa pè é. Ẹni ọdún 43 ni, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún 14 ní ẹ̀ka tó ń ṣètò owó oṣù ní káńsù kan.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní iléèwé. Bí wọ́n ṣe ń bi ìyá ní ìbéèrè nípa ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń dáhùn nínú ọkàn rẹ̀ nípa ara rẹ̀. Ó lọ bá dókítà àdúgbò, wọ́n fún un ní ìbéèrè mẹ́wàá kan tí wọ́n ń pè ní AQ-10. Ẹni tó bá gba 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n rò ó láti rán an lọ fún àyẹ̀wò kíkún. Òun gba 8. Ó tó ọdún méjì kí ó tó kàn án. Ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tí èèyàn kó lánàá, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni. Obìnrin náà ti ní in láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìwé ló pẹ́ kó tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ 11 yẹn, nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń bi mí. Inú àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ ADOS-2 ló ti wá. Ojúkojú ni wọ́n ń ṣe é, láàárín ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń fọ eyín, kí ó sọ ìtàn láti inú ìwé àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, kí ó sọ nípa ọ̀rẹ́, nípa iṣẹ́, nípa ohun tó ń bí i nínú. Kì í ṣe ohun tó sọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ń wò ó bóyá ọwọ́ ń bá ọ̀rọ̀ rìn, bóyá ó ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbà á, bóyá ohùn ń lọ sókè sódò bí ìtàn ṣe ń lọ. Nínú ìṣirò tí wọ́n lò fún un, 7 ni ẹnu ààlà fún ọ́tísíìmù ní gbígbòòrò, 10 sì ni ti ọ́tísíìmù gan-an. Ó gba 11, ó ti kọjá ẹnu ààlà, ó tán. Pé ẹnìkan gba 15 kò túmọ̀ sí pé ó ní ìṣòro jù ú lọ níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gba 6 lè ní in kí ó sì ti fi ọgbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń fara wé ẹlòmíràn láti kékeré máa ń bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò yìí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí olùṣàyẹ̀wò tó mọṣẹ́ kì í fi ADOS-2 nìkan parí ọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń parí rẹ̀ ni ìlànà kan tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìwé kan lè sọ pé DSM-5 lòun lò, ìyẹn ìwé ìlànà àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013, òmíràn lè sọ pé ICD-11, ìyẹn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, kí ó sì kọ 6A02, nọ́ńbà tó dúró fún ọ́tísíìmù, síwájú rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan: bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn lò àti bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀, àwọn ìwà tó ń ṣe léraléra tàbí bí ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti òórùn ṣe ń ṣe é, pé ó ti wà láti ìgbà èwe, àti pé ó ń dí ìgbé ayé rẹ̀ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá lo DSM-5, ẹ lè rí "ìpele 1" níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń kà á sí "díẹ̀ ló ní." Ohun tí ìpele 1 sọ gan-an ni pé ẹni náà nílò ìrànlọ́wọ́. Kò sí ìpele tó sọ pé kò nílò.

Ọ̀rọ̀ "láti ìgbà èwe" tí mo sọ yẹn, ibẹ̀ ni wàhálà àwa ará ilé wà. Wọ́n pe màmá rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí Wáàsáàpù. Wọ́n bi í pé ṣé ọmọ náà ní ìṣòro kankan ní kékeré. Màmá ní, "Rárá o, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu." Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, àyẹ̀wò náà ì bá ti fọ́. Onítúmọ̀ tó wà níbẹ̀ ló gbọ́n, ó ní kí wọ́n yí ìbéèrè náà padà: báwo ló ṣe máa ń ṣeré? Màmá bá rẹ́rìn-ín. Ó ní ó máa ń to ìdérí ìgò mínírà sí ìlà lẹ́yìn ilé, àwọ̀ pẹ̀lú àwọ̀, tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ọ̀kan nípò, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó ní kì í jẹ ẹ̀bà tí ọbẹ̀ bá ti kàn, àwo méjì ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ rẹ̀ títí tó fi wọ iléèwé girama. Gbogbo èyí wọ inú ìwé. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rí káàdì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kan nínú àpótí, olùkọ́ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ yìí mọ̀wé ṣùgbọ́n kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ẹ má ju irú káàdì bẹ́ẹ̀ nù. Ẹ̀rí tó lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ ni.

Ojú wíwò tún wà níbẹ̀. Ní ilé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a sọ̀rọ̀, àfojúdi ló ń ṣe. Níbí, tí o kò bá wo ẹni lójú, wọ́n lè kà á sí àmì ọ́tísíìmù. Olùṣàyẹ̀wò tó ṣe ti àbúrò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè: ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́? Ti àwọn tó kéré sí ẹ ńkọ́? Ó ní, "Etí wọn ni mo máa ń wò. Tí mo bá wo ojú, mi ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Ìwé náà wá kọ ọ́ kedere pé wọn kò fi àìwojú àgbà ṣe ẹ̀rí, nítorí pé àṣà ni, pé ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ojúgbà rẹ̀. Tí ìwé tiyín bá kàn sọ pé "kì í wojú" tí kò sì ṣàlàyé kankan, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí mo fi ń mọ ìwé tí wọ́n dà kọ láti inú ti ẹlòmíràn. "Ó" wa kò ya akọ yàtọ̀ sí abo, ṣùgbọ́n ti èdè Gẹ̀ẹ́sì yà á. Tí ẹ bá rí i pé ìwé obìnrin ṣàdédé di ti ọkùnrin ní ojú ewé kẹjọ, ẹ mọ̀ pé ojú ewé yẹn kì í ṣe tiyín. Mo ti rí i rí lẹ́ẹ̀mejì, àti lẹ́ẹ̀mejèèjì, inú àwọn àbá fún ibi iṣẹ́ ló wà.

Agbára àti ìdíwọ́, inú ilé kan náà

Apá tó sọ ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe ni àwọn èèyàn máa ń fò kọjá. Wọ́n rò pé wọ́n kàn fi í tu àwọn nínú ni. Nínú ìwé tó dára, iṣẹ́ ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ mọ ohun tí òun máa pàdánù tí òun kò bá ṣe àtúnṣe.

Wọ́n ṣe ìdánwò ọpọlọ fún àbúrò pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ọ́tísíìmù ló ní in, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní in. Nínú ìdánwò yìí, 100 ni àárín gbùngbùn. Ní òye ọ̀rọ̀, ó gba 124, ìyẹn ni pé tí ẹ bá kó 100 èèyàn jọ, bíi 5 péré ló máa ju ú lọ. Ní yíyára ṣe iṣẹ́ kéékèèké lábẹ́ aago, ó gba 86, bíi 82 nínú 100 ló sì máa ju ú lọ níbẹ̀. Ẹ wo àlàfo yẹn. Àwọn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa rò pé bó ṣe ń sọ ọ́ ló ṣe máa yára ṣe é. Tí kò bá wá yára, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé kò fẹ́. Ọdún mẹ́ta léra ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ pé "ó lè ṣe jù báyìí lọ tó bá fẹ́." Ó sunkún nígbà tó ń ka gbólóhùn yẹn fún mi.

Ìwé náà sọ pé agbára rẹ̀ ni pé ó máa ń rí ohun tí kò bára mu nínú àtẹ ìṣirò gígùn. Ó fi àpẹẹrẹ gbè é: oṣù kan wà tó rí i pé wọ́n ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ 37 ní ìlọ́po méjì, nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ohun tó nílò ìrànlọ́wọ́ pé tí ẹnìkan bá dá a dúró láàárín iṣẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó padà síbi tó wà. Nǹkan kan náà ni méjèèjì o. Ọkàn tó wọ inú iṣẹ́ débi pé ó rí àṣìṣe tí ẹ̀rọ kò rí, òun náà ni ọkàn tí kò rọrùn láti fà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fara mọ́ ìkejì, ìwé tí kò bá so méjèèjì pọ̀ kò sì ní wúlò fún mánájà kankan.

Ìdíwọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ fún un. Àkọ́kọ́ ni ibi ìjókòó. Káńsù náà ti fòpin sí kí oníkálukú ní tábìlì tirẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń yan ibi tó wù ú, fún ìdí yìí ló fi ń dé iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ láìgba owó kún owó, kí ó lè rí igun kan. Ìkejì ni iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ẹnu rán an lójú ọ̀nà. Mánájà á ní, "Wo nǹkan yẹn tí àyè bá yọ." Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn túmọ̀ sí lónìí. Fún àbúrò, àyè kò yọ, nítorí náà kò wò ó. Ìkẹta ni àyípadà òjijì.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n kọ nípa ìbòjú, ìyẹn bó ṣe ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe bí àwọn yòókù ti ń ṣe: ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó ń ka iye ìgbà tó yẹ kó mi orí. Tó bá délé, á jókòó nínú ọkọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú nínú òkùnkùn kí ó tó lè wọlé bá àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ irú nǹkan yìí sílẹ̀, nítorí pé ohun tí mánájà máa kọ́kọ́ sọ ni pé "ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é níbí."

Àbá tó ṣeé ṣe

Wọ́n máa ń fi ìwé ránṣẹ́ kí ẹni tó ni ín kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àkókò yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ kò lè ní kí dókítà yí ìdájọ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ lè tún ọjọ́ orí ṣe, ẹ lè tún orúkọ ṣe, ẹ sì lè sọ pé àbá kan kò yé ẹni tó máa lò ó.

Èyí tó wà nínú ti àbúrò lákọ̀ọ́kọ́ ni pé: "Yóò ṣe é láǹfààní tí ibi iṣẹ́ bá ní òye nípa ọ́tísíìmù, tí ariwo kò sì pọ̀ jù." Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ta ló máa ṣe é? Nígbà wo? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é? A kọ lẹ́tà padà, a ní kí wọ́n so àbá kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdíwọ́ kan. Ohun tó padà dé nìyí:

> Ìdíwọ́: àìní ibi ìjókòó kan pàtó ń mú kí ó lo okun rẹ̀ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
> Àbá: tábìlì kan tí kò ní yí padà, tí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, tó jìnnà sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ibi tí wọ́n ti ń po tíì.
> Ẹni tó máa ṣe é: mánájà rẹ̀.
> Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí wọ́n wo iye àṣìṣe àti aago tó ń dé iṣẹ́.

Fún iṣẹ́ àfẹnurán, wọ́n kọ pé kí ẹni tó bá fẹnu rán an níṣẹ́ fi ímeèlì kan tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà, kí ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ, àti èyí tó máa fi sílẹ̀ tí iṣẹ́ méjì bá já lu ara wọn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ pé "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," wọn kì í rántí pé iṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n kọ sílẹ̀ láìsọ èyí tó ṣáájú kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n fẹnu sọ. Fún àyípadà, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n fi sọ ọ́ sílẹ̀, àyàfi tí ó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àbá ni o, kì í ṣe àṣẹ. Dókítà kò lè pàṣẹ fún ibi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń fún ibi iṣẹ́ ní iṣẹ́ ṣe ní ilẹ̀ yìí ni Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010. Ó ní tí ìdíwọ́ ẹnìkan bá pọ̀, tó sì ti wà tàbí tó máa wà fún oṣù 12 ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bá bọ́gbọ́n mu, kò sì gbọdọ̀ yọ owó rẹ̀ lára òṣìṣẹ́ náà. "Tó bọ́gbọ́n mu" ni wọ́n máa ń jà lé lórí: ṣé ó máa ṣiṣẹ́, ṣé ó ṣeé ṣe, èló ni, ṣé agbára ibi iṣẹ́ náà ká a. Tábìlì kan tí kò yí padà kì í ná káńsù ní nǹkan kan. Yàrá àdáni fún un lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Fún ohun tó bá kọjá èyí tí òfin fi lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, ètò ìjọba kan wà tó ń sanwó fún un. Ẹ tẹ Access to Work sórí gov.uk, ẹ máa rí i. Ó lè sanwó fún ẹni tó máa wá kọ́ òṣìṣẹ́ náà àti mánájà rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kí ìwé àyẹ̀wò ti jáde kí èèyàn tó béèrè, nítorí náà, ẹ má dúró dè é. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Ní Nàìjíríà, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àìpé ara tàbí ti ọpọlọ léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò sí irú àpò owó yìí níbẹ̀, àbá tí kò náni lówó ni kí ẹni tó wà nílé kọ́kọ́ gbé kalẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé kí wọ́n fún ibi iṣẹ́ ní gbogbo ìwé náà? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdérí ìgò mínírà wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ wà nínú rẹ̀, ohun tí màmá sọ lórí Wáàsáàpù wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó kan mánájà. A ní kí ilé ìwòsàn kọ lẹ́tà ojú ewé kan: orúkọ àyẹ̀wò náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, agbára méjì, ìdíwọ́ mẹ́ta, àbá mẹ́ta. Ìyẹn ló mú lọ. Wọn kò kọ 11 síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Mánájà ti fún un ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń dé iṣẹ́ báyìí. Ímeèlì ń wá, àmọ́ ẹni méjì nínú ẹ̀ka náà ṣì ń fẹnu rán an níṣẹ́, nítorí náà ó ti kọ gbólóhùn kan tó ń fi ránṣẹ́ padà sí wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ẹ?" Wọ́n ra ohun ìdí-etí tó ń pa ariwo fún un pẹ̀lú, ìyẹn kò ṣiṣẹ́ rárá. Ó ní ó ń fún òun ní etí pinpin, àti pé ó ń jẹ́ kí òun gbọ́ bí òun ṣe ń mí. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ti kọ "kò ṣiṣẹ́" síwájú rẹ̀, wọ́n sì ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa tún jókòó lé e.